Bí ẹ ṣe lè fi orin àtẹ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ alọ́nilahọ́n mú kí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí àti olùkọ́ máa ń bi mí ṣáá: «Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gba máàkì nínú ìdánwò, àmọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu, ńṣe ló máa ń mú ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kí ni ká ṣe?»

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ náà, kí wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó máa ń lọ́ni láhọ́n. Àwọn ọmọ wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ eré méjèèjì. Wọ́n ń ṣe tinko ní ojúde, wọ́n sì mọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń yan lójú ẹlẹ́gùúsí. Àmọ́ tí a bá fẹ́ lò ó fún Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí a ṣe ń tò ó, torí pé ìrìn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ìrìn Yorùbá.

Ọmọ ọdún 5 sí 10 tó ń sọ Yorùbá nílé ni mo ní lọ́kàn.

## Kí ẹ tó gbọ́wọ́ sókè: ibo ni àtẹ́wọ́ ń bọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí gbólóhùn yìí: «Adé ra bàtà tuntun.» A-dé-ra-bà-tà-tun-tun. Àtẹ́wọ́ méje ni, nítorí pé ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ìjókòó tirẹ̀, kò sí èyí tó ń jókòó lé ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ la fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Gẹ̀ẹ́sì kì í rìn bẹ́ẹ̀. Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan máa ń wúwo, yóò gùn, yóò sì dún ketekete, àwọn tó yí i ká á wá fún ara wọn pọ̀ bí èrò inú dánfó. Orí èyí tó wúwo nìkan ni àtẹ́wọ́ ti ń bọ́. Ẹ wo ìlà wọ̀nyí, tí mo kọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ ibi tí àtẹ́wọ́ wà:

```
GOATS EAT YAMS
the GOATS EAT the YAMS
the GOATS will EAT the YAMS
the GOATS have been EATing the YAMS
```

Sílébù 3 ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, 8 ló wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Síbẹ̀, àtẹ́wọ́ 3 ni fún ìlà kọ̀ọ̀kan, àkókò tí wọ́n ń gbà kò sì yàtọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wọlé sáàárín ní láti sáré kọjá kí àtẹ́wọ́ tó ń bọ̀ tó dé. Eré sísá yìí gan-an ni ọmọ tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ò tíì mọ̀.

Tí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ sí gbogbo sílébù, ìrìn Yorùbá lẹ ń kọ́ ọmọ láti fi rin Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àṣìṣe tí mo rí jù lọ, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Aago ògiri tó ń dún tí-tí-tí. Dídún kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.
- Dígí kékeré tí ọmọ lè fi wo ẹnu ara rẹ̀.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti ibi tí ọmọ ti ṣì í sí.

## Orin kìíní: àwọn ewúrẹ́ àti iṣu

Ẹ lo ìlà mẹ́rin tó wà lókè yìí. Ẹ̀yin àti ọmọ ẹ dojú kọ ara yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọwọ́, kí ẹnu dákẹ́. Èkíní, oníkálukú pa àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ pọ̀. Èkejì, ọwọ́ ọ̀tún yín pàdé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀kẹta, oníkálukú tún pa tirẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ méjèèjì yín pàdé ọwọ́ méjèèjì rẹ̀. Ẹ ṣe é tẹ̀lé aago títí yóò fi di pé ọmọ ò wo ọwọ́ mọ́. Ó lè gba ọjọ́ kan odindi, ẹ má kánjú.

2. Ẹ fi ìlà kìíní lé e. GOATS bọ́ sí èkíní, EAT sí èkejì, YAMS sí ẹ̀kẹta. Lórí ẹ̀kẹrin, ẹnu dákẹ́, ọwọ́ nìkan ló dún. Ẹ má yọ ẹ̀kẹrin yìí kúrò láé. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mí, ibẹ̀ sì ni ìró tó kẹ́yìn YAMS ti ń ráyè parí.

3. Ẹ tún ìlà kìíní ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró láàárín ìlà kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì máa ń yọ wọlé díẹ̀ ṣáájú àtẹ́wọ́ kìíní, ẹ̀yìn ẹ̀kẹrin tó dákẹ́ ló ti ń bọ̀.

4. Ẹ gun àkàbà náà títí dé ìlà kẹrin, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Ìsọ̀kalẹ̀ ṣe pàtàkì, torí pé nígbà tí ọmọ bá padà sí ìlà kìíní, ó máa ń fẹ́ sáré. Ẹ jẹ́ kí aago dá a dúró.

5. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, ẹ yọ ewúrẹ́, ẹ fi adìẹ sí i. Ẹ yọ iṣu, ẹ fi àgbàdo sí i:

```
HENS EAT CORN
the HENS have been EATing the CORN
```

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí. Ọmọ lè há orin sórí bí ayékòótọ́ láìmọ ohun tó ń wí. Tó bá lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò láìjẹ́ kí àtẹ́wọ́ yẹ̀, gbólóhùn náà ti di tirẹ̀. Ẹ sì bi í láàárín eré pé, `What have the goats been eating?` Tó bá dáhùn lọ́kàn balẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti wọlé.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀, àti àtúnṣe rẹ̀

Àtẹ́wọ́ pọ̀ ju 3 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé fáwẹ̀lì ni ọmọ ti fi kún un. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì bíi «t» tàbí «s», kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í tò tẹ̀lé ara wọn, torí náà GOATS á di «góò-tì-sì», sílébù mẹ́ta dípò ẹyọ kan. Ọwọ́ ló máa tú àṣírí yìí kí etí yín tó gbọ́ ọ.

Ẹ má kàn máa sọ fún un pé kó yọ «ì» kúrò, kò ní rí i yọ. Ẹ jẹ́ kó so ìparí ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e. EAT bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, torí náà kí «s» GOATS fò lọ bá a:

```
GOAT-SEAT YAMS
```

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà á yọ̀ lójijì. Kọ́ńsónáǹtì tí fáwẹ̀lì tẹ̀lé ni ẹnu ọmọ Yorùbá mọ̀ jù, a kàn fún un ní ohun tó mọ̀ ni. Bí àwọn tó ni èdè náà sì ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nìyẹn.

YAMS kò ní fáwẹ̀lì kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gbára lé. Níbẹ̀, kí ọmọ pa ètè dé fún «m», kó wá jẹ́ kí ìró tó kẹ́yìn kùn bí oyin títí àtẹ́wọ́ ẹ̀kẹrin yóò fi dún, kó sì gé e síbẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni yóò gé e, kì í ṣe fáwẹ̀lì.

Ọwọ́ ń falẹ̀ bí ìlà ṣe ń gùn. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ọmọ ń fún ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ jẹ́ kó kùn àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké sínú, kí ẹnu má là dáadáa, kó sì fi ohùn sọ GOATS, EAT àti YAMS nìkan. Lẹ́yìn ìgbà bíi márùn-ún, ẹ ní kó jẹ́ ká gbọ́ àwọn kéékèèké náà, àmọ́ ní jẹ́jẹ́.

Ọmọ ń pariwo. Àtẹ́wọ́ máa ń mú ọmọ pariwo, ariwo sì máa ń sọ gbogbo sílébù di wíwúwo. Ẹ ní kí ẹ jọ ṣe é ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

## Orin kejì: èyí tó ń kọ́ ọmọ ní ìrántí

Orin kìíní wà fún ìrìn ẹnu, èyí wà fún orí. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹrin kò sì dákẹ́ níhìn-ín:

```
FIVE live CRABS in a BIG black POT,
ONE jumped OUT, for the SOUP was HOT.
```

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún un ṣe pẹ̀lú akàn mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, títí dé ẹyọ kan. Ìkà tó ń sọ̀ kalẹ̀ yìí ló ń di ọmọ mú kó má sọnù. Nígbà tó bá ku akàn kan, ìró «s» inú CRABS gbọ́dọ̀ kúrò, ONE tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì á sì di IT:

```
ONE live CRAB in a BIG black POT,
IT jumped OUT, for the SOUP was HOT.
```

Ọmọ tó ń fọkàn sí i á yọ «s» náà. Èyí tó kàn ń fẹnu lù ú á fi í sílẹ̀. Mi ò kì í sọ fún wọn ṣáájú, mo máa ń dúró kí n rí ẹni tí yóò gbá a mú.

### Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ HOT pẹ̀lú àtẹ́wọ́ kan. Lẹ́yìn náà `SOUP was HOT`. Lẹ́yìn náà `for the SOUP was HOT`. Lẹ́yìn náà gbogbo ìlà. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, iwájú nìkan ni ọmọ máa ń mọ̀ dunjú, ìdí ìlà á wá di gbúngbùngbún. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń gbé ló ń gbé e lọ síbi tó ti mọ̀.

Nígbà tó bá ti lè sọ ọ́ tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀:

1. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ pa gbogbo àtẹ́wọ́.
2. Ẹ má sọ POT àti HOT mọ́. Ọwọ́ dún, ẹnu dákẹ́.
3. Ẹ má sọ láti BIG àti SOUP lọ.
4. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ni kí ẹ sọ, ìyókù dọwọ́ àtẹ́wọ́.
5. Ẹ sọ FIVE, ẹ dákẹ́ jálẹ̀ ìlà méjèèjì, kí ẹ̀yin àti ọmọ wá jọ sọ HOT tó kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ìdánwò. Inú orí ni ọmọ ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Tí HOT rẹ̀ bá bọ́ sórí àtẹ́wọ́ pẹ̀lú tiyín, ìlà náà ti wà nínú orí rẹ̀ ní pípé. Tó bá yá jù tàbí tó pẹ́, ọ̀rọ̀ kan ti jábọ́ lọ́nà. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ ó rí i.

Ní ti ọjọ́ àtúnṣe, ọjọ́ 1, 2, 4, 7 àti 14 ni mo máa ń lò. Tí ẹ bá ń sọ ọ́ ní ogójì ìgbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ yóò ti fò lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Jíjẹ́ kó fẹ́ máa gbàgbé díẹ̀, kó tún wá ronú kàn án, ló ń gbé e dúró.

## Ọ̀rọ̀ alọ́nilahọ́n: ẹ fi ìró tí Yorùbá kò ní ṣe é

Àwọn ọ̀rọ̀ alọ́nilahọ́n tó gùn jàǹrànjanran tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé kì í sábà bá ìṣòro ẹnu wa mu. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni ìró méjì tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lójú Yorùbá. Torí náà mo ṣe ìlà kúkúrú, ìlà kan fún ìró méjì:

```
f / v     A FAN in a VAN, a VAN for a FAN.
s / z     SUE saw the ZOO, the ZOO saw SUE.
t / th    THIN tin, TIN thing, three THIN tin THINGS.
sh / ch   She CHOSE cheap SHOES, cheap SHOES she CHOSE.
```

Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má ṣe méjì pọ̀.

### Etí ṣáájú ẹnu

Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kò lè sọ ọ́. Ẹ ya àwòrán fáànù sí pépà kan, ti ọkọ̀ fáànù sí òmíràn. (Ẹ rí i pé bákan náà ni àwa ń pe méjèèjì, ibẹ̀ ni wàhálà wà.) Ẹ fi ìwé bo ẹnu yín, ẹ sọ ọ̀kan, kí ọmọ fọwọ́ kan àwòrán. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ má tò ó létòlétò. Tó bá gba 8 sókè, ó ti ń gbọ́ ọ. Tó bá ń gba bíi 5, ó kàn ń méfò ni, kò tíì tó àkókò láti lo ẹnu.

Tí kò bá dá ẹ̀yin fúnra yín lójú pé ẹ̀ ń pe ìyàtọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ìwé atúmọ̀ inú fóònù tó máa ń pe ọ̀rọ̀ síta pè é fún ọmọ. Ọmọ ò lè gbọ́ ìyàtọ̀ tí kò jáde lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ ọ.

### Ibi tí ahọ́n àti ètè ń wà

- v: eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bíi ti «f», àmọ́ kí gògóńgò máa gbọ̀n. Kí ọmọ fi ìka kan ọ̀fun. Tí ọ̀fun bá dákẹ́, «f» ló ṣì ń sọ.
- z: «s» ni, pẹ̀lú ọ̀fun tó ń kùn. Ìró oyin. Èyí ló máa ń tètè wọlé jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
- th: ṣóńṣó ahọ́n yọ díẹ̀ sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ jáde lórí rẹ̀. Ibí ni dígí ti wúlò: tí ọmọ ò bá rí ahọ́n rẹ̀, «t» ló ń bọ̀.
- ch: kí ahọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ «t», kó wá bú sínú «ṣ» lẹ́ẹ̀kan náà. A lè fa «ṣ» gùn bó ṣe wù wá, àmọ́ èyí kò ṣeé fà. Ìyàtọ̀ tí ọmọ lè fi ara rẹ̀ yẹ̀ wò nìyẹn.

Fún ọmọ tó dàgbà sí agbègbè Ìbàdàn, tí «ṣ» àti «s» máa ń jọra lẹ́nu, ìlà kẹrin á le ju bí mo ṣe sọ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é: «ṣá» àti «sá», «ṣè» àti «sè», títí méjèèjì yóò fi yà, kí ẹ tó mú Gẹ̀ẹ́sì wá.

### Àkàbà eré

1. Ọ̀rọ̀ méjì nìkan, ní jẹ́jẹ́: `fan, van. fan, van.`
2. Ìdajì ìlà.
3. Odindi ìlà, láìsí àtẹ́wọ́.
4. Odindi ìlà pẹ̀lú àtẹ́wọ́ mẹ́rin, 60 ní ìṣẹ́jú kan.
5. 80, lẹ́yìn náà 100. Tí aago ò bá lè yára tó bẹ́ẹ̀, fóònù yín lè gba áàpù tó ń lu ìlù ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí àtẹ́wọ́ ń bọ́ sí nínú ìlà fáànù, FAN, VAN, VAN, FAN ni. Orí ìró tó ń dààmú ọmọ gan-an ni ọwọ́ ti ń dún.

Òfin kan ló wà fún àkàbà yìí. Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní pípé lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra kó tó gun òkè. Tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan, a sọ̀ kalẹ̀ ìgbésẹ̀ kan, láìsí ìbínú. Àwọn èèyàn máa ń fi eré sísá ṣáájú nítorí ẹ̀rín tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bá sáré sọ «fan in a fan» ní ogún ìgbà ti fi ogún ìgbà kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní àṣìṣe, yíyọ rẹ̀ á sì ṣòro ju kíkọ́ tuntun lọ. Ìṣẹ́jú 5 sì tó lójúmọ́. Tí ahọ́n bá ti rẹ̀, àṣìṣe á kàn máa pọ̀ sí i ni.

## Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún méje

Ọmọ àbúrò mi ni, kíláàsì kejì ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi nìyí.

*Ọjọ́ Ajé.* Ọwọ́ nìkan. Ẹ̀kẹta ló ń ṣì, ó máa ń fẹ́ na ọwọ́ òsì. Ìṣẹ́jú 8 ló gbà á. Ìlà kìíní: «góò-tì-sì», àtẹ́wọ́ 5.

*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.* Mo kọ́ ọ ní `GOAT-SEAT`. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá àga ewúrẹ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àtẹ́wọ́ di 3 lójú ẹsẹ̀. YAMS ṣì ń jẹ́ «yáàmù-sì».

*Ọjọ́rú.* YAMS tó ń kùn. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ìlà kejì àti ìkẹta. Nírọ̀lẹ́, ìdánwò etí fún `fan` àti `van`: 6 nínú 10. Mi ò jẹ́ kó fi ẹnu sọ ọ́.

*Ọjọ́bọ̀.* Ìlà kẹrin ya. Ní `have been`, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó ń retí kí ẹnu dé. Mo ní kó máa kùn ún sínú. Ní ìgbà kẹfà, ó wọlé. Etí: 8 nínú 10.

*Ọjọ́ Ẹtì.* Ó gun àkàbà ewúrẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìlà fáànù: ìgbésẹ̀ 1 àti 2 nìkan. VAN tó wà ní ìdajì àkọ́kọ́ dára. Ti ìdajì kejì ń padà di «f», nítorí pé ó ń sáré lọ bá FAN tó kẹ́yìn.

*Ọjọ́ Àbámẹ́ta.* A pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú `DOGS EAT BONES` wá. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ìparí BONES kùn dáadáa láìjẹ́ pé mo rán an létí.

*Ọjọ́ Àìkú.* Ìsinmi. Ìyá rẹ̀ ní ó ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì.

Ẹ kíyè sí i pé ìlà fáànù kò parí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ló tó dé 60, kò sì dé 100 títí oṣù náà fi parí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo sì gbé e fún un gbọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ìgbà yẹn lòun fúnra rẹ̀ gbọ́ «góò-tì-sì» tó ń sọ tẹ́lẹ̀.

## Ìkìlọ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe dípò

Tí eyín iwájú ọmọ bá ti yọ (ọdún 6 sí 7 ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀), «v», «z» àti «th» kò ní bọ́ sí i dáadáa. Ẹ fi ìlà mẹ́ta yẹn sílẹ̀ títí tuntun yóò fi hù, ẹ máa bá orin àtẹ́wọ́ lọ. Ní ti «th», ó máa ń pẹ́ dé ẹnu àwọn ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú oyún pàápàá, ẹ má fi dààmú ọmọ ọdún 5.

Tí ọmọ bá ń kólòlò, ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ alọ́nilahọ́n tó ní eré sísá, ẹ má sì jẹ́ kó ṣe é níwájú àwọn ọmọ mìíràn kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Orin àtẹ́wọ́ yàtọ̀: nígbà tí akólòlò bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lórí ìlù kan náà, ọ̀rọ̀ sábà máa ń jáde geere. Ẹ jọ máa sọ ọ́ ní ohùn kan, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lójijì. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Tí ìkólòlò náà bá ti ń lé ní oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn.

Tí ọmọ ò bá tíì lè na ọwọ́ ọ̀tún kọjá sí òdìkejì, bó ṣe máa ń rí fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5, kó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, kó fọwọ́ lu orúnkún, kó tún pa á pọ̀, kó tún lu orúnkún. Orin náà kò yí padà.

Tí kíláàsì yín bá ní ogójì ọmọ, àtẹ́wọ́ ẹni méjì-méjì á di ariwo tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ pín wọn sí ìhà méjì: ìhà kan á fi ìka méjì lu tábìlì, ìhà kejì á sọ ọ̀rọ̀, wọn á sì pààrọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ẹ máa rìn káàkiri láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ìparí YAMS nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ «sì» lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká jẹ́jẹ́, kó mọ̀ pé kó tún un sọ nígbà tó bá tún kàn wọ́n.